Gbèsè Náírà Méjì, Ọgbọ̀n Kọ́bọ̀ Lápò

Ẹni tó bá ka girama láyé ìgbà tiwa kò ní gbàgbé ìwé pẹlẹbẹ kan tí à ń pè ní fọ́ọ̀-fígọ̀. Nọ́ńbà ló kún inú rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kò sí àwòrán, kò sí ìtàn. Kákulétọ̀ kò tíì dọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé nígbà náà, bí ìṣirò tó ta kókó bá sì délẹ̀, ìwé yìí náà ni a ó ṣí. A ó wá lọ́gì nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan níwájú ìwé, a ó rò wọ́n pọ̀ bó bá jẹ́ ìsọdipúpọ̀ ni, a ó yọ ọ̀kan lára èkejì bó bá jẹ́ pípín ni, a ó wá ṣí ẹ̀yìn ìwé láti wá ántílọ́gì èsì. John Napier, ará Skọ́tíláǹdì, ló tẹ táábù lọ́gì àkọ́kọ́ jáde ní 1614. Henry Briggs ló wá gbé e ka orí mẹ́wàá, tó tẹ tirẹ̀ ní 1617. Irú ti Briggs yìí ló wà lápò ìwé wa.

Bí èèyàn bá mú lọ́gì láti ìdí, kò le tó bí wọ́n ṣe ń fi dẹ́rù bani. Mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá ni ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ni pé a lo mẹ́wàá lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà lọ́gì ọgọ́rùn-ún jẹ́ 2. Lọ́gì mẹ́wàá fúnra rẹ̀ jẹ́ 1, ti ení sì jẹ́ òdo. Ogún wà láàárín mẹ́wàá àti ọgọ́rùn-ún, lọ́gì tirẹ̀ náà kò ní ṣe kó má wà láàárín 1 àti 2: 1.3010 ni. Ti igba jẹ́ 2.3010. Ti eéjì jẹ́ 0.3010. Ẹ ó rí i pé 3010 kò kúrò níbẹ̀, nọ́ńbà tó ṣáájú pọ́ìntì nìkan ló ń pààrọ̀. Ohun tó jẹ́ kí ìwé náà lè pẹlẹbẹ nìyẹn. Kò kọ eéjì, ogún àti igba lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó kọ 3010 lẹ́ẹ̀kan péré, ó fi ìyókù sílẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ibi tí ẹsẹ̀ wa ti máa ń yọ̀ ni ìgbà tí nọ́ńbà bá kéré ju ení lọ. Lọ́gì 0.2 ti wọ abẹ́ òdo, ti 0.02 tún wọlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe táábù kò sì fẹ́ kí 3010 wọn bàjẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n fi 3010 sílẹ̀ bó ṣe wà, wọ́n fa ìlà kékeré kan sórí nọ́ńbà iwájú nìkan, láti fi hàn pé òun nìkan ló wà lábẹ́ òdo. Lọ́gì 0.2 di 1̄.3010, ti 0.02 di 2̄.3010. Báà ni a máa ń pe ìlà náà. Báà kan, báà méjì. A ń pè é lẹ́nu, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi ogójì ọmọ léèrè ohun tó túmọ̀ sí, ẹ ó gbọ́ ogójì ìdáhùn.

Mo wà ní fọ́ọ̀mù kẹta lọ́dún tí náírà dé. Oṣù kìn-ín-ní 1973 ni wọ́n pààrọ̀ owó. Pọ́n-ùn kan di náírà méjì, ṣílè kan di kọ́bọ̀ mẹ́wàá. Àwọn ìyá wa lọ́jà kò tilẹ̀ gbà pé nǹkan kan yí padà: ṣílè mẹ́ta ni wọ́n ń pe ọgbọ̀n kọ́bọ̀ títí àwa fi jáde níwèé mẹ́wàá. Mo ń sọ ti owó yìí nítorí pé bí kò bá sí i, ẹ̀fẹ̀ tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ kì bá tí bọ́ sí i. Pẹ́nì méjìlá ló wà nínú ṣílè àtijọ́, ogún ṣílè ló wà nínú pọ́n-ùn. Irú owó bẹ́ẹ̀ kò bá pọ́ìntì rìn. Náírà àti kọ́bọ̀ ló bá a rìn.

Ìlú kan nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni ilé-ìwé wa wà. Tíṣà mátì wa ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Bí a bá ń rẹ́rìn-ín títí tí omi ń jáde lójú wa, òun á kàn máa wò wá bí ẹni pé a ṣe é ní nǹkan. Lọ́jọ́ tí mo ń sọ yìí, ó kọ 2̄.3010 sójú pátákó, ó pe ọmọkùnrin kan jáde pé kó wá ántílọ́gì rẹ̀. Ọmọ náà mú ọgbọ́n tirẹ̀ jáde. Ó rò pé orí gbogbo nọ́ńbà náà ni ìlà yẹn bò, ó sọ ọ́ di -2.3010, ó forí ṣe é, forí ṣe é, ó sì bá a dé 0.005. Tíṣà kò sọ pé ó gbà á, kò sọ pé kò gbà á. Ó kàn kọ 0.02 sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, “Inú èyí ni a ti mú lọ́gì jáde láàárọ̀ yìí. Báwo ló ṣe di ìdá mẹ́rin ara rẹ̀ kó tó di ọ̀sán?” Kò sẹ́ni tó lè dáhùn. Ó fi wá sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà dùn wá dáadáa.

Lẹ́yìn náà ló gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì, ó sì lóṣòó. Ọkùnrin gíga bẹ́ẹ̀, eékún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí. Kò sọ̀rọ̀. Ó tẹjú mọ́ ọmọ tó jókòó níwájú gan-an. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn kíláàsì, ó sì tàn dé iwájú.

“Ta ni mo jẹ́?”

Gbogbo wa ké e lẹ́ẹ̀kan náà: “Òṣómàáló!”

Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ará ibẹ̀, Òṣómàáló ni àwọn oníṣòwò aṣọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń gbé aṣọ kiri láti ìlú dé ìlú, tí wọ́n ń tà á láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé, ẹnu ọ̀nà ajigbèsè ni wọ́n ń lóṣòó sí, wọn kò sì ní dìde títí owó ó fi jáde. Ibẹ̀ ni orúkọ ti wá. Kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì yẹn tí kò ní bàbá tàbí bàbá àgbà tó ti ṣe é rí.

Tíṣà wa kò dìde. Ìlóṣòó ló wà tó fi ń kọ́ wa. “Ọkùnrin kan ra aṣọ lọ́wọ́ mi láwìn. Ó jẹ mí ní náírà méjì. Ẹ wò mí níwájú ilé rẹ̀. Ọgbọ̀n kọ́bọ̀ wà lápò rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ṣé ó fún mi?”

“Kò fún yín, Sà!”

“Kí ló fẹ́ fi ṣe?”

Ọmọ kan ní, “Ó fẹ́ fi mu ẹmu, Sà.”

Ibẹ̀ ni kíláàsì ti tú. Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ó nàka sí pátákó láti ibi tó lóṣòó sí. “Ìlà kékeré yẹn, èmi ni. Ẹ wo ibi tí mo lóṣòó lé. Orí 2 ni, orí gbèsè. Ṣé mo lóṣòó lé 3010? Owó ẹmu rẹ̀ nìyẹn, owó rẹ̀ ni, kì í ṣe gbèsè.” Ó wá yíjú sí ọmọ tó kọ́kọ́ jáde. “Ìwọ gba ọgbọ̀n kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, o sì tún kọ ọ́ mọ́ gbèsè. Ọkùnrin tó jẹ náírà méjì, o sọ ọ́ di ẹni tó jẹ náírà méjì àti ọgbọ̀n kọ́bọ̀. O rorò ju Òṣómàáló lọ.”

Mo ti gbọ́ ẹ̀fẹ̀ púpọ̀ nínú kíláàsì láti ìgbà náà, mo sì ti dá tèmi náà nígbà tí èmi náà di tíṣà. Púpọ̀ nínú wọn ni a lè yọ kúrò kí ẹ̀kọ́ má sì dín: tíṣà á dẹ́rìn-ín pa ọmọ, ẹ̀rín á tán, ìṣirò á tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ti Òṣómàáló kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ló ní ibi tó jókòó sí nínú 2̄.3010. Gbèsè ni nọ́ńbà iwájú, owó àpò ni ohun tó tẹ̀ lé pọ́ìntì, kíkọ̀ tí ọkùnrin náà kọ̀ láti da méjèèjì pọ̀ sì ni òfin tí ìwé táábù ń tẹ̀ lé. Bí o bá rántí ìtàn, o ti rántí ìṣirò nìyẹn.

Ẹ̀rí rẹ̀ hàn lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí a dé ibi tí mo rò pé ó le jù nínú gbogbo iṣẹ́ lọ́gì. Ó ní kí a wá nọ́ńbà tí a ó fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí yóò fi di 0.02. Lọ́gì 0.02 ni a ó pín sí mẹ́ta. Ó dára, 2̄.3010 rèé. Méjì kò ṣe é pín sí mẹ́ta gérégé. Bí o bá sì pín in sí kọ́bọ̀, gbèsè á wọnú àpò, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Àwọn tó gbọ́n lójú ara wọn ti pín 2.3010 sí mẹ́ta, wọ́n ti rí 0.7670, wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa fi báà sí.

Tíṣà ní ọkùnrin ajigbèsè wa ti kú. Ẹnì kan ní “Yéè!” látẹ̀yìn. Ó ní ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, gbèsè náírà méjì, àti ọgbọ̀n kọ́bọ̀ lápò. Òṣómàáló ti dé síbi ìsìnkú, ó ti lóṣòó. Ó láwọn ọmọ lè pín gbèsè náà láàárín ara wọn, ṣùgbọ́n òun kò gba kọ́bọ̀, náírà odidi ni kí oníkálukú jẹ òun. Kí ni wọn ó ṣe?

A ronú. Ọmọbìnrin kan tó máa ń dákẹ́ ló sọ ọ́: “Kí wọ́n tún yá náírà kan sí i, Sà.”

Ẹ̀rín ọjọ́ yẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ ilé tí wọ́n ti yáwó ṣe òkú. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni ìdáhùn. Wọ́n yá náírà kan sí i lọ́wọ́ Òṣómàáló kan náà. Gbèsè di mẹ́ta. Owó tí wọ́n yá wọ àpò, owó àpò di 1.3010. Kò sí ohun tó pọ̀ sí i, kò sí ohun tó dín, nítorí náírà kan tó wọ gbèsè náà ló wọ àpò. Wọ́n wá pín in: gbèsè mẹ́ta sí ọ̀nà mẹ́ta, kálukú jẹ náírà kan, 1.3010 sí ọ̀nà mẹ́ta, kálukú mú 0.4337. Èsì jẹ́ 1̄.4337. A ṣí ẹ̀yìn ìwé, a rí 2714 fún 4337. Gbèsè náírà kan túmọ̀ sí pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ dúró gbára lẹ́yìn pọ́ìntì, nítorí náà ó jẹ́ 0.2714. Tíṣà ní kí a má gba òun gbọ́, kí a fi ọwọ́ ṣe é. A fi 0.2714 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó fún wa ní 0.01999. Èyí tó ṣẹ́kù kó tó 0.02 kò ju ohun tí ìwé fọ́ọ̀-fígọ̀ ń gé dànù lọ.

Nǹkan kan wà tí n kò tètè rí nígbà náà, àfi nígbà tí mo dàgbà tí mo rò ó sẹ́yìn. Ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tí kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé àwọn agbowó ń dúró níwájú ilé bàbá rẹ̀. Tíṣà rí i. Láti ẹ̀yìn ìtàn òkú náà, kò pe ajigbèsè náà ní “ọkùnrin kan” mọ́. “Èmi” ló ń wí. Èmi ni mo ra aṣọ, èmi ni mo jẹ gbèsè, èmi ni mo di ọgbọ̀n kọ́bọ̀ mú ṣinṣin. Èyí ṣáájú owó Údójì, owó oṣù tíṣà kò tó nǹkan, àwa náà sì mọ̀ pé ó lè jẹ́ òtítọ́. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín nígbà tó yá. Nínú gbogbo ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ ọkùnrin yẹn, mo rò pé èyí ni mo lò jù nígbà tí mo di tíṣà: kí n tó dá àpárá, mo máa ń kọ́kọ́ wo ìjókòó kọ̀ọ̀kan, kí n mọ ẹni tí yóò bà.

Tíṣà wa kì í sì í jẹ́ kí a gbé ìtàn náà kọjá àyè rẹ̀. Ẹnì kan bi í léèrè pé bí a bá fi gbèsè sọ gbèsè di púpọ̀, kí ló máa dà. Ó ní Òṣómàáló kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ó ní ìṣirò yẹn wà, a máa dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìtàn mìíràn la máa fi ṣe é, nítorí kò sí ẹni tó ń fi náírà mẹ́ta gbèsè ṣe ìlọ́po náírà méjì gbèsè lọ́jà kankan. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, ó fún wa ní ìdánwò, ó kọ ọ́ sókè pátákó pé òun kò gbọdọ̀ rí ọ̀rọ̀ Òṣómàáló, gbèsè tàbí àpò nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Kí a fi ọ̀rọ̀ mátì nìkan ṣàlàyé ìdí tí báà fi wà lórí nọ́ńbà iwájú nìkan. Àwọn tó jẹ́ pé ẹ̀rín nìkan ni wọ́n gbà ló fara hàn níbẹ̀. Wọn kò pọ̀, ó sì pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ilé-ìwé.

Nígbà tí ó kàn mí láti kọ́ni, Èkó ni wọ́n gbé mi lọ. Mo lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọ bi mí bóyá inú ń run mí. Kò sẹ́ni tó mọ Òṣómàáló. Mo sọ ọ́ di lánlọ́ọ̀dù tó dúró sẹ́nu ọ̀nà lóṣù tuntun, ó sì ṣiṣẹ́, nítorí kò sí ọmọ Èkó tí kò mọ ìdúró yẹn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n gbé ètò Sáàpù dé ní 1986, owó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kọ́bọ̀ sì ń pòórá lọ́jà díẹ̀díẹ̀. Bí mo bá ti dé ibi ọgbọ̀n kọ́bọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín, wọn ó ní, “Ọgbọ̀n kọ́bọ̀ kẹ̀, Sà? Kó fún lánlọ́ọ̀dù, kò níye lórí.” Ẹ̀rín ti kúrò níbi tí iṣẹ́ wà, ó ti lọ síbòmíràn. Mo gbìyànjú kí n sọ ọ́ di ọgọ́rùn-ún náírà àti ẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n pọ́ìntì á ti kúrò láyè rẹ̀, àlàyé á wá gùn ju ìtàn lọ. Ẹ̀fẹ̀ tí a ní láti ṣàlàyé fún ọmọ kó tó rẹ́rìn-ín, mo máa ń fi sílẹ̀ ni.

Lóṣù tó kọjá, ọmọ ọmọ mi kan tó wà ní girama tẹ log(0.02) sórí fóònù rẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ ní 3010 kì í kúrò níbẹ̀. Ẹ wò ó, ó ti kúrò.” Ohun tó wà lójú fóònù ni -1.69897. Kò sí báà, kò sí 3010.

Mo sọ ìtàn náà fún un, mo fi ọgbọ̀n kọ́bọ̀ bá a sọ ọ́ bó ṣe wà. Mo ní fóònù yìí kò ní sùúrù, ó ti gba owó ẹmu lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó ti fi san lára gbèsè. Ó ní kí n dúró. Ó yọ 0.30103 kúrò lára 2, ó rí 1.69897.

“Kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò kúkú san án nígbà náà?”

Mo ní, “Bó bá san án, ibo nínú fọ́ọ̀-fígọ̀ lo ti fẹ́ rí i?” Mo ṣí ìwé náà fún un, ó wá nọ́ńbà tó wà lábẹ́ òdo láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò rí ẹyọ kan. Ó gba fóònù rẹ̀ padà, ó tẹ log(0.002), ó rí -2.69897, ó sì sọ fún mi láìwojú mi pé: “Gbèsè mẹ́ta. Ọgbọ̀n kọ́bọ̀ yẹn ṣì wà lápò rẹ̀.”